Wáyà ti kúrò lójú ọ̀run, ojú ipa rẹ̀ ló kù

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ya fọ́tò ọ̀sà láti etí omi Ìlàjẹ ní Bàrígà, kí oòrùn tó yọ, afárá gígùn tó ti Òwòròǹṣòkí lọ sí Adéníjí sì hàn lọ́ọ̀ọ́kán. Òpó iná kan tó gbé tiransifọ́mà, pẹ̀lú wáyà méje, dábùú ojú ọ̀run. Mo fi Spot Healing Brush inú Photoshop pa gbogbo wọn rẹ́ lórí JPEG, ó sì mọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo mú kí àwọ̀ rẹ̀ jinlẹ̀, ojú ipa wáyà jáde, ojú ọ̀run sì pín sí ìlà-ìlà. Mo fi Gaussian Blur sí i, ó tún wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Oníbàárà fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ní ínṣì 24 sí 36. Kí ni kí n ṣe?”

Àbúrò mi, kì í ṣe pé o kò mọ búrọ́ọ̀ṣì lò. Nígbà tí o yọ wáyà, nǹkan mìíràn bá a lọ tí o kò fura sí. Ojú ọ̀run inú fọ́tò ní nǹkan méjì lára. Èkíní ni àwọ̀ tó ń yí díẹ̀díẹ̀ láti pupa ẹsẹ̀ ọ̀run dé aró tó wà lókè. Èkejì ni nọ́ìsì, àwọn hóró tíntìntín tí kámẹ́rà fi sílẹ̀ lórí gbogbo fọ́tò, tí a kì í rí àfi tí a bá sún mọ́ ọn gan-an. Spot Healing Brush rí àwọ̀ dá padà dáadáa. Nọ́ìsì ni kò dá padà tó, pàápàá tí ẹnu búrọ́ọ̀ṣì náà bá rọ̀, tí o sì gba ibì kan náà kọjá lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí ibi tí wáyà gbà ṣe di ibi tó dán ju àyíká rẹ̀ lọ nìyẹn. Kí o tó mú àwọ̀ jinlẹ̀, ìyàtọ̀ yẹn kéré débi pé ojú kò mú un. Nígbà tí o fa Curves láti mú àwọ̀ jinlẹ̀, o fa ìyàtọ̀ náà pẹ̀lú, ó sì jáde.

Ìlà-ìlà tí o rí ní gbogbo ojú ọ̀run, orísun kan náà ló ti wá, ṣùgbọ́n bíìtì tún wà nínú ọ̀rọ̀ tirẹ̀. JPEG jẹ́ fáìlì bíìtì 8, ìpele 256 péré ló sì ní fún pupa, 256 fún ewé, 256 fún aró. Jẹ́ ká wo aró nìkan nínú fọ́tò bíi tìrẹ. Ká ní ó jẹ́ 148 lórí afárá, tó sì gùn dé 184 ní òkè pátápátá, ojú ọ̀run náà sì ga tó píkísẹ́lì 2400. Ìpele 36 péré ni aró ní láti fi rin gbogbo ọ̀nà yẹn. Pín 2400 sí 36, wàá rí i pé ìpele kọ̀ọ̀kan gba nǹkan bíi píkísẹ́lì 67 kí ó tó fò sí èkejì. Àtẹ̀gùn ni, kì í ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ìpele kan péré ni fífò náà, ṣùgbọ́n ojú èèyàn máa ń ki etí tó gùn tó sì tọ́ mọ́lẹ̀ ni, ó sì máa ń sọ ìyàtọ̀ ibẹ̀ di ńlá. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Ernst Mach ti ṣàlàyé èyí láti ọdún 1865. Tí o bá wá fi Curves fa àwọ̀ náà ní ìlọ́po méjì, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan náà di ìpele méjì.

Kí ló wá dé tí JPEG tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú kámẹ́rà kì í fi gbogbo ìgbà ní ìlà? Nọ́ìsì ni. Níbi tí 160 ti fẹ́ di 161, nọ́ìsì máa ń gbé píkísẹ́lì kan lọ sí 162, á sọ èkejì kalẹ̀ sí 159, á dá ẹ̀kẹta sí 161. Kò sí etí kankan tó tọ́ tí ojú lè dì mú, nítorí pé àwọn ìpele méjèèjì ti wọnú ara wọn. Ìdí nìyí tí Gaussian Blur fi bà á jẹ́ sí i. Blur máa ń kó píkísẹ́lì tó sún mọ́ra pọ̀, á mú ìwọ̀n àárín wọn, nọ́ìsì á sì pòórá. Ìpele 36 yẹn kò pọ̀ sí i nínú fáìlì bíìtì 8, ohun tó ń fi etí wọn pamọ́ ló kúrò. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé ohun tó rí gbágungbàgun ló yẹ kí èèyàn dán. Ní ojú ọ̀run, òdìkejì rẹ̀ ni.

Fún bíìtì 16, Photoshop ní ìpele tó lé ní 32,000 fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn bíi ìpele 128 láàárín ìpele kan sí èkejì nínú bíìtì 8. Àtẹ̀gùn tó jẹ́ píkísẹ́lì 67 tẹ́lẹ̀ á wá di ìdajì píkísẹ́lì, ojú kankan kò lè rí i. Àwọn kan á sọ fún ọ pé kí o kàn ṣí JPEG, kí o lọ sí Image > Mode > 16 Bits/Channel, ọ̀rọ̀ ti parí. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Yíyí i padà kò lè dá ìpele tó ti sọnù padà, 36 ṣì ni 36. Àmọ́ gbogbo iṣẹ́ tí o bá ṣe láti ìgbà náà lọ, ìbáà jẹ́ Curves tàbí àwọ̀ tuntun tí o fi bo òpó, á rí àyè tó. Nítorí náà yí i padà bí JPEG nìkan bá ni o ní, ṣùgbọ́n má retí kí ó wo ohun tó ti bàjẹ́ sàn. Tí o bá ya RAW, fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì sọ di fọ́tò, pọ̀ mọ́ JPEG ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà láti orí RAW. RAW bíìtì 14 ní ìpele 16,384 kí o tó fọwọ́ kàn án rárá.

Kí o tó ṣe ohunkóhun, dán síkírínì rẹ wò, torí pé síkírínì àwọn láàpútọ́ọ̀pù kan fúnra wọn máa ń fi ìlà hàn níbi tí kò sí. Ṣí fáìlì tuntun bíìtì 16, fi Gradient Tool fa eérú fẹ́ẹ́rẹ́ lọ sí eérú tó dúdú díẹ̀, kí Dither wà ní títẹ̀, kí o sì wò ó ní 100%. Bí ìlà bá wà níbẹ̀, síkírínì ló ń ṣe é, má sì fi ojú rẹ̀ ṣèdájọ́ fọ́tò. Ní 100% náà ni kí o máa wo ojú ọ̀run ní gbogbo ìgbà. Tí o bá sún sẹ́yìn sí 50% tàbí 33%, Photoshop ń fi àwòrán tó ti sọ di kékeré hàn ọ́, ìlà tí o bá rí níbẹ̀ lè má sí nínú fáìlì rárá.

Ó dáa, ká wá bọ́ sí iṣẹ́. Ní Camera Raw, ibi tí Photoshop ti ń ṣí RAW, ní kí ó ṣí fáìlì náà ní 16 Bits/Channel. Tẹ Remove Chromatic Aberration, kí o sì tún òkùnkùn igun fọ́tò ṣe níbẹ̀, torí pé òkùnkùn igun tún jẹ́ àwọ̀ kan tó ń yí lórí àwọ̀ tó ń yí, ó sì máa ń dá wàhálà sílẹ̀ tí o bá fi í sílẹ̀ di ìgbà tí wáyà ti kúrò. Má fa Luminance ti Noise Reduction sókè fún ojú ọ̀run. Color tó wà ní 25 láti ìbẹ̀rẹ̀, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀: ó ń kó àwọ̀ èérí inú nọ́ìsì kúrò, ohun tó kù jẹ́ kìkì ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn, èyí á sì wúlò fún wa tó bá yá. Má tíì mú àwọ̀ jinlẹ̀. Kí ojú ọ̀run wà ní pẹ̀lẹ́tù títí iṣẹ́ á fi tán.

Àmọ́ ìwọ fúnra rẹ ní láti máa rí ohun tí ojú oníbàárà á rí lẹ́yìn tí àwọ̀ bá jinlẹ̀. Gbé léyà Curves kan sókè pátápátá, fà á kí ó dúró ṣánṣán débi pé ojú ọ̀run á burẹ́wà, kí o pe orúkọ rẹ̀ ní “àyẹ̀wò”. Tan án, wo iṣẹ́ rẹ, pa á, kí o sì máa bá iṣẹ́ lọ. Bí ojú ipa wáyà kò bá hàn lábẹ́ léyà yẹn, kò ní hàn lórí ògiri oníbàárà. Léyà náà kò gbọ́dọ̀ bá fáìlì lọ sí ibi ìtẹ̀wé o.

Wáyà ló rọrùn jù. Lórí òpó bíi tìrẹ, mẹ́ta òkè jẹ́ ti iná alágbára, mẹ́rin ìsàlẹ̀ ló ń gbé iná lọ sí ilé, àwọn ti ìsàlẹ̀ ló sì máa ń sọ̀ jù. Nínú fọ́tò tó fẹ̀ ní píkísẹ́lì 6000, wáyà kan lè tó píkísẹ́lì 6, ṣùgbọ́n má fi búrọ́ọ̀ṣì 6 pa á. Sún mọ́ ọn ní 200%, wàá rí ìlà funfun fẹ́ẹ́rẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Sharpening ló ṣe é. Bí búrọ́ọ̀ṣì kò bá bo ìlà yẹn, wáyà á lọ, funfun méjì á kù. Búrọ́ọ̀ṣì 14 tàbí 16 á tó. Gbé Hardness rẹ̀ sókè láàárín 80% sí 100%, torí pé etí tó rọ̀ ló ń po ojú ọ̀run tuntun pọ̀ mọ́ ti àtijọ́, pípò yẹn ló sì ń jẹ nọ́ìsì. Ṣiṣẹ́ lórí léyà òfìfo, kí Sample All Layers wà ní títẹ̀, tàbí kí o tò ó sí Current & Below bó bá jẹ́ Healing Brush, kí léyà àyẹ̀wò má baà wọnú iṣẹ́. Tẹ ibẹ̀rẹ̀ wáyà, di Shift mú, tẹ iwájú díẹ̀. Ó á fa ìlà tó tọ́ láàárín méjèèjì. Nítorí pé wáyà sọ̀, jẹ́ kí ìgbésẹ̀ rẹ kúrú níbi tó ti tẹ̀ jù. Ẹ̀ẹ̀kan ni kí o gba ibì kọ̀ọ̀kan kọjá. Bí kò bá dáa, Ctrl+Z ni, má gun un lẹ́ẹ̀kejì, torí ibi tí a bá pa lórí ibi tí a ti pa máa ń dán sí i ni.

Ibi tí wáyà ti kan nǹkan dúdú, bíi òrùlé páànù tàbí orí òpó, ni búrọ́ọ̀ṣì yìí máa ń ṣìnà. Gbogbo búrọ́ọ̀ṣì tó ń wo ibi sàn máa ń wo àwọ̀ etí ibi tí o kùn, á sì tan àwọ̀ náà sínú. Bí etí kan bá bọ́ sórí páànù tó ti dípẹtà, dúdú á ṣàn wọ ojú ọ̀run bíi píkísẹ́lì 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí o máa ṣe ni pé kí o fi Lasso yí ojú ọ̀run ká níbẹ̀, kí ìlà Lasso náà tẹ̀lé etí òrùlé gẹ́lẹ́, kí o tó kùn ún. Photoshop kò ní mú àwọ̀ kankan láti ìta ibi tí o yí ká. Èyí nìkan ló máa ń gba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ àbàwọ́n tí wọ́n ń jà mọ́ fún wákàtí.

Òpó fúnra rẹ̀ yàtọ̀. Ká ní ó fẹ̀ ní píkísẹ́lì 90, Spot Healing Brush gbọ́dọ̀ hùmọ̀ ohun tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, á sì máa wá a kiri níbi tó bá wù ú, ó sì lè lọ mú ojú ọ̀run òkè wá sí ìsàlẹ̀. Healing Brush gan-an ni kí o lò, èyí tí ìwọ fúnra rẹ ń yan orísun fún. Di Alt mú, tẹ ojú ọ̀run tó mọ́ ní ẹ̀gbẹ́ òpó, ní ìwọ̀n gíga kan náà pẹ̀lú ibi tí o fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí Aligned wà ní títẹ̀. Ìwọ̀n gíga kan náà ni gbogbo ẹ̀tàn rẹ̀: àwọ̀ ojú ọ̀run ń yí gidigidi láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ṣùgbọ́n ó ń yí díẹ̀ péré láti ọ̀tún sí òsì, nítorí náà ohun tí o gbé láti ẹ̀gbẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu, nọ́ìsì gidi sì bá a wá. Búrọ́ọ̀ṣì á wá fi àwọ̀ etí méjèèjì tún ìyàtọ̀ ọ̀tún àti òsì ṣe. Diffusion wà lórí ọ̀pá irinṣẹ́ náà, ó ń lọ láti 1 dé 7. Fà á wálẹ̀ sí 2 tàbí 3, torí pé fọ́tò tó ní hóró ni nọ́ńbà kékeré wà fún. Búrọ́ọ̀ṣì náà kí ó fẹ̀ ju òpó lọ díẹ̀, bíi 120, kí o sì fà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ ní ìfà kan ṣoṣo láìgbé ọwọ́. Tí o bá fi ìfà mẹ́jọ pa á, ìfà kọ̀ọ̀kan á tún etí tirẹ̀ ṣírò, wàá sì rí oríkèé mẹ́jọ lábẹ́ léyà àyẹ̀wò.

Ó ku tiransifọ́mà. Ibẹ̀ le, torí pé ó lè fẹ̀ tó píkísẹ́lì 300, òrùlé wà nísàlẹ̀ rẹ̀, wáyà wé e lórí, ojú ọ̀run tó mọ́ kò sì pọ̀ ní àyíká rẹ̀ tí búrọ́ọ̀ṣì lè kọ́ nǹkan lára rẹ̀. Níbi báyìí, mo máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, màá sì tún ojú ọ̀run kọ́, àwọ̀ lọ́tọ̀, nọ́ìsì lọ́tọ̀. Mú Eyedropper, tò Sample Size rẹ̀ sí 31 by 31 Average kí nọ́ìsì má ṣì ọ́ lọ́nà. Ní apá òsì tiransifọ́mà, mú àwọ̀ ní ìwọ̀n gíga mẹ́rin láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí o fi wọ́n ṣe gradient kan, kí àlàfo tó wà láàárín wọn bá ibi tí o ti mú wọn mu. Fà á láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ lórí léyà tuntun, di Shift mú kí ó má bà á dagun, kí Dither wà ní títẹ̀. Ṣe irú rẹ̀ fún apá ọ̀tún lórí léyà kejì. Ní àárọ̀, ẹ̀gbẹ́ tó sún mọ́ ibi tí oòrùn fẹ́ ti yọ á mọ́lẹ̀ jù, nítorí náà léyà méjèèjì kò ní jọra. Fi máàsìkì sórí léyà ọ̀tún, kí o fa gradient dúdú sí funfun sínú máàsìkì náà láti òsì lọ sí ọ̀tún. Àwọ̀ òsì á máa yọ́ wọnú àwọ̀ ọ̀tún bí ojú ọ̀run gidi ṣe ń ṣe. Jẹ́ kí léyà méjèèjì fẹ̀ kọjá ibi tí o nílò, kí o wá dà wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan.

Ohun tí o ní báyìí dán bíi díńgí, ojú á sì mú un lójú ẹsẹ̀. Kó nọ́ìsì sí i: Filter > Noise > Add Noise, yan Gaussian, tẹ Monochromatic. Monochromatic ni, torí pé Camera Raw ti kó àwọ̀ inú nọ́ìsì gidi kúrò, kìkì ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ló kù lójú ọ̀run yòókù. Bẹ̀rẹ̀ láti 1.5%. Lẹ́yìn náà, fi Gaussian Blur 0.5 píkísẹ́lì sí léyà yẹn nìkan. Má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu pé mo tún ní kí o lo blur. Nọ́ìsì tí Photoshop ṣe máa ń dá dúró ní píkísẹ́lì kọ̀ọ̀kan, ó mú ṣóńṣó, nígbà tí hóró kámẹ́rà máa ń tàn mọ́ píkísẹ́lì tó múlé gbè é. Blur kékeré yẹn ló ń mú kí irú wọn jọra.

Ìwọ̀n rẹ̀ ńkọ́? Má fi ojú nìkan dá a. Ṣí Histogram, tò ó sí Expanded View, tẹ Show Statistics. Yí ojú ọ̀run gidi ká, kí ibi tí o yí ká fẹ̀ bíi 300, kí ó ga ní 20 péré, kí yíyí àwọ̀ láti ìsàlẹ̀ sókè má baà wọnú ìṣirò. Tẹ àmì onígun mẹ́ta tó wà lórí pánẹ́ẹ̀lì náà kí ó tún kà á láti inú píkísẹ́lì gidi, kí o wá wo Std Dev, nọ́ńbà tó ń sọ bí píkísẹ́lì ibẹ̀ ṣe yàtọ̀ síra tó. Ká ní ojú ọ̀run gidi fún ọ ní 2.1, tí ibi tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ sì fún ọ ní 1.2, nọ́ìsì rẹ kò tó: padà sẹ́yìn, gbé 1.5% sókè, tún blur rẹ̀, tún wọ̀n ọ́n. Bí o bá wọ 1.9 sí 2.2, dúró níbẹ̀. Ọ̀nà yìí kan náà ni mo fi ń mọ̀ bóyá ojú ipa wáyà ti sàn lóòótọ́. Lórí JPEG tí o kọ́kọ́ ṣe yẹn, mo fẹ́ kí o wọ̀n ọ́n wò, wàá rí i pé Std Dev ojú ipa wáyà kéré gan-an sí ti àyíká rẹ̀.

Níkẹyìn, bo ibi tí a kọ́ náà pẹ̀lú máàsìkì kí òrùlé àti afárá jáde padà. Etí máàsìkì tó kan ojú ọ̀run, kí ó rọ̀ ní bíi píkísẹ́lì 4 sí 6, má ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé ọwọ́ á fẹ́ lọ sí 60. Ṣùgbọ́n níbi tí nọ́ìsì méjì tí kò jọra ti pò mọ́ra ní ìdajì-ìdajì, agbára wọn máa ń wálẹ̀ sí bíi 70% ti tẹ́lẹ̀, etí tó fẹ̀ ní 60 á sì di ìgbànú dídán yí ibi tí o tún ṣe ká. Tí o bá rí i pé etí tóóró hàn, àwọ̀ rẹ ni kò bára mu. Lọ tún àwọ̀ tí o mú ṣe, má fi rírọ̀ bò ó mọ́lẹ̀.

Tí o kò bá ní RAW, tàbí tó jẹ́ fóònù lo fi yà á, gbogbo èyí ṣì ṣeé ṣe, àmọ́ fóònù ti pa nọ́ìsì rẹ́ kí fọ́tò tó dé ọwọ́ rẹ, ìlà sì lè ti wà níbẹ̀ kí o tó fọwọ́ kan wáyà. Yí i padà sí bíìtì 16, ṣe iṣẹ́ rẹ, kí o wá fi nọ́ìsì 1% bo gbogbo ojú ọ̀run pátá, kì í ṣe ibi tí o tún ṣe nìkan. Ó á fi etí ìlà pamọ́, kò ní mú wọn kúrò tán, bí o bá sì mú àwọ̀ jinlẹ̀ púpọ̀ wọ́n á tún yọjú. Ní àsìkò ọyẹ́ ni irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ máa ń le jù, nígbà tí eruku bá bo ojú ọ̀run Èkó tí kò sí ìkúùkuu kan láti fi ohunkóhun pamọ́ sí. Ẹni tí kò bá ní Photoshop lè lo GIMP 2.10: Image > Precision > 16 bit integer, Heal Tool rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bíi Healing Brush, Gradient Tool rẹ̀ sì ní Dithering. Ibi tí apá mi kò ká ni ibi tí wáyà bá gba inú imọ̀ ọ̀pẹ tàbí ìkúùkuu olójú púpọ̀ kọjá; ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọ̀ tó ń yí mọ́, fífi ọwọ́ yà á padà ló kù. Lóòótọ́, bí ọjọ́ bá ṣì wà lọ́wọ́ oníbàárà, padà sí Ìlàjẹ, ya ojú ọ̀run kan náà ní ìṣísẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òpó ní irú àsìkò àárọ̀ kan náà, kò sí gradient tó lè dáa tó ojú ọ̀run gidi tí o rí lò. Àti pé fún ògiri ni fọ́tò yìí o. Ká ní ìwé ìròyìn ló fẹ́ ẹ, èmi ò ní yọ òpó iná Bàrígà kúrò níbẹ̀, torí òpó náà wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Nígbà tí o bá wá fẹ́ gbé e jáde, mú àwọ̀ jinlẹ̀ nísinsìnyí, ní bíìtì 16, kí o pa léyà àyẹ̀wò rẹ́. Fi TIFF bíìtì 16 pamọ́ fún ara rẹ. Fún ìtẹ̀wé, kọ́kọ́ lọ sí Edit > Convert to Profile, yan sRGB tàbí èyí tí àwọn atẹ̀wé rẹ bá béèrè, lẹ́yìn náà ni kí o tó sọ ọ́ di bíìtì 8. Píkísẹ́lì 6000 lórí ínṣì 36 á fún ọ ní bíi 167 fún ínṣì kan, ó tó fún fọ́tò tí èèyàn á máa wò láti òkèèrè. Fi JPEG pamọ́ ní Quality 11 tàbí 12, torí pé JPEG tí Quality rẹ̀ kéré máa ń ju hóró tíntìntín nù kí ó tó ju ohunkóhun mìíràn nù, ìlà tí o ti lé lọ á sì padà wá. Àwọn tí ń tẹ̀wé ní Ṣómólú á máa sọ pé kí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Má ṣe fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò, fi í ránṣẹ́ bíi Document, tàbí kí o gbé e lọ lórí fúláàṣì, torí WhatsApp á tún fọ́tò náà fún pọ̀ lójú ọ̀nà.

Èyí tí o fẹ́ gbé sórí fóònù àti íńtánẹ́ẹ̀tì nílò ìtọ́jú tirẹ̀. Tí o bá dín 6000 kù sí 2048, bíi píkísẹ́lì mẹ́ta ní ìbú àti mẹ́ta ní òòró ló ń di ẹyọ kan, nọ́ìsì 2.1 yẹn sì lè ṣubú sí 0.7. Ìdí nìyí tí fọ́tò tó dáa lórí bébà fi ń ní ìlà lórí Instagram. Dín in kù nígbà tó ṣì wà ní bíìtì 16, fi nọ́ìsì 0.7% sí 1% sórí ojú ọ̀run lẹ́yìn tí o ti dín in kù, kí o tó sọ ọ́ di bíìtì 8. Wo èyí náà ní 100%, kí o sì wò ó lórí fóònù kan tí kì í ṣe tìrẹ kí o tó fi ránṣẹ́ sí oníbàárà.